Ìdí tí àròpọ̀ ìyàtọ̀ sí ìpíndọ́gba fi ń jẹ́ òdo, àti bí a ṣe ń fi í yẹ ìṣirò ọwọ́ wò

Ẹ kú ìjókòó, gbogbo yín. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ṣírò ìpíndọ́gba sábà máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó rí tọ̀nà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á tún àròpọ̀ náà ṣe láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú tó ṣì í kà lẹ́ẹ̀kíní lè tún ṣì í kà lẹ́ẹ̀kejì, níbì kan náà gan-an. Ẹni tó bá ti ka 7 àti 6 sí 12, tó bá tún gba ọ̀nà kan náà padà, 12 náà ló máa ń tún wá sí i lẹ́nu.

Àwọn mìíràn gbọ́n díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á sọ ìpíndọ́gba náà di ìlọ́po iye nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá ó padà di àròpọ̀ tí wọ́n pín. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n pípín nìkan ló yẹ̀ wò. Bí àròpọ̀ fúnra rẹ̀ bá ti wọ́, ìlọ́po yóò kàn dá àròpọ̀ tó wọ́ yẹn padà ni, yóò sì dà bíi pé gbogbo rẹ̀ bára mu.

Ọ̀nà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí máa ń padà sọ́dọ̀ àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ fúnra wọn. A ó yọ ìpíndọ́gba kúrò nínú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, a ó ro àwọn ìyàtọ̀ náà pọ̀ pẹ̀lú àmì wọn. Bí ó bá jẹ́ òdo, àròpọ̀ àti pípín ti jọ yege. Bí kò bá jẹ́ òdo, a ti mọ̀ pé àṣìṣe wà, iye tó ṣẹ́ kù náà sì máa ń tọ́ka síbi tí ó wà.

Ẹ jẹ́ ká mú máàkì ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́jọ: 58, 72, 64, 47, 76, 60, 57, 70. Ní ilé ẹyọ, 8, 2, 4, 7, 6, 0, 7 àti 0 jẹ́ 34. A kọ 4 sílẹ̀, a gbé 3 lọ sí ilé mẹ́wàá. Ní ilé mẹ́wàá, 5, 7, 6, 4, 7, 6, 5 àti 7 jẹ́ 47. A fi 3 tí a gbé wá kún un, ó di 50. Àròpọ̀ jẹ́ 504. A pín in sí 8, ìpíndọ́gba jẹ́ 63. Ó wá kan àyẹ̀wò:

```
58 − 63 =  −5
72 − 63 =  +9
64 − 63 =  +1
47 − 63 = −16
76 − 63 = +13
60 − 63 =  −3
57 − 63 =  −6
70 − 63 =  +7
```

Ẹ má ṣe rò wọ́n pọ̀ lẹ́sẹẹsẹ láti òkè wá sísàlẹ̀, torí àmì máa ń dà èèyàn lójú rú bó bá ń yí padà lọ́tùn-ún lósì. Ẹ kó àlékún jọ sọ́tọ̀, ẹ kó àdínkù jọ sọ́tọ̀. Àlékún jẹ́ 9, 1, 13 àti 7, èyí tó jẹ́ 30. Àdínkù jẹ́ 5, 16, 3 àti 6, èyí tó jẹ́ 30. Ọ̀kan pa ìkejì rẹ̀, ó ku òdo. Ẹ kíyè sí i pé àwọn nọ́ńbà tí a rò níbí kéré, wọn ò sì jọ àwọn tí a rò nígbà àkọ́kọ́ rárá. Nínú àròpọ̀ àkọ́kọ́ a ro 58 àti 72. Níbí a ro 5 àti 9. Ojú tó ṣìnà níbẹ̀ kò ní ibi tí yóò ti tún ìṣìnà kan náà ṣe. Àǹfààní tí àyẹ̀wò yìí ní lórí títún àròpọ̀ ṣe gan-an nìyẹn.

Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo? Ẹ wo ìpíndọ́gba bí ìgbà tí a kó gbogbo máàkì jọ, tí a sì tún un pín kí kálukú gba iye kan náà. Ẹni tó ní 76 yóò yọ 13 sílẹ̀ kí tirẹ̀ tó di 63. Ẹni tó ní 47 yóò gba 16 kí tirẹ̀ tó di 63. Kò sí máàkì tó ti ìta wọlé, kò sì sí èyí tó bọ́ sọnù lọ́nà. Nítorí náà, gbogbo ohun tí àwọn tó ní jù yọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí àwọn tí tiwọn kò tó gbà, láìlé, láìdín.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i nínú àmì ìṣirò, ẹ jẹ́ ká pe àròpọ̀ ní T, iye nọ́ńbà ní n, ìpíndọ́gba ní m. Bí a ṣe ń yọ m kúrò nínú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejọ la yọ ọ́ nínú àpẹẹrẹ tiwa, tàbí ìgbà n ní gbogbogbòò. Àròpọ̀ ìyàtọ̀, tí a ó pè ní S, wá jẹ́:

```
S = T − n × m
```

Bí m bá sì jẹ́ T tí a pín sí n, n × m yóò padà di T, S yóò jẹ́ òdo. Kò sí ibi kankan nínú èyí tí a ti bèèrè pé kí àwọn nọ́ńbà náà rí báyìí tàbí báyẹn. Wọ́n lè tóbi, wọ́n lè kéré, wọ́n lè jẹ́ désímà, wọ́n lè wà nísàlẹ̀ òdo, èsì kan náà ni. Ìlà kan yìí tún sọ nǹkan kejì tí a máa ń gbàgbé: ìpíndọ́gba nìkan ni nọ́ńbà tó lè ṣe é. Bí m bá jẹ́ ohunkóhun mìíràn yàtọ̀ sí T tí a pín sí n, S kò lè jẹ́ òdo. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni, òdo tí a rí kò ní jẹ́ ẹ̀rí kankan.

Èrò kan wà tó gbajúmọ̀ tí kò tọ̀nà, ó sì yẹ ká mú un kúrò lọ́nà. Àwọn kan rò pé iye àwọn tó wà lókè ìpíndọ́gba gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú iye àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, mẹ́rin wà lókè, mẹ́rin wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kòńgẹ́ ni. Ẹ wo 1, 1, 1, 1 àti 6. Àròpọ̀ jẹ́ 10, ìpíndọ́gba jẹ́ 2. Mẹ́rin wà nísàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 1 dín. Ẹyọ kan ṣoṣo wà lókè, ó fi 4 lé. Iye èèyàn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n 4 pa 4. Nọ́ńbà tó ń pín àwọn èèyàn sí méjì ọgbọọgba ni iye àárín, èyí tí a ń rí bí a bá tò wọ́n láti kékeré dé ńlá tí a sì mú èyí tó bọ́ sáàárín. Nínú èyí, iye àárín jẹ́ 1. Bí ẹ bá yọ 1 kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 0, 0, 0, 0 àti 5 lẹ ó rí, àròpọ̀ wọn jẹ́ 5. Nítorí náà, ẹ má ṣe dán àyẹ̀wò yìí wò lórí iye àárín. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ó kù ká rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí nǹkan bá wọ́. Ká padà sí máàkì mẹ́jọ wa. Ká ní ẹnì kan ro ilé ẹyọ, ó rí 34, ó kọ 4, ṣùgbọ́n 2 ló gbé lọ dípò 3. Àròpọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 494, ìpíndọ́gba rẹ̀ yóò sì jẹ́ 61.75. Kò sí ohun tó ṣàjèjì nínú 61.75, àwọn máàkì náà wà láàárín 47 àti 76, nọ́ńbà yìí sì wà láàárín wọn dáadáa. Ojú lásán kò lè mú un. Bí ó bá fi 8 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò rí 494, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wá ìyàtọ̀. Àlékún rẹ̀ yóò jẹ́ 10.25, 2.25, 14.25 àti 8.25, àròpọ̀ 35. Àdínkù rẹ̀ yóò jẹ́ 3.75, 14.75, 1.75 àti 4.75, àròpọ̀ 25. Àlékún fi 10 ju àdínkù lọ.

10 yìí kò wá lásán. Ohun tí àròpọ̀ rẹ̀ fi dín sí òtítọ́ ni, torí pé S jẹ́ T tòótọ́ tí a yọ n × m kúrò nínú rẹ̀, n × m tirẹ̀ sì jẹ́ 494. Ọ̀kan tí kò gbé ní ilé mẹ́wàá ló fara hàn yẹn, ní iye rẹ̀ pérépéré. Kò sì pọn dandan kó tún gbogbo ìṣirò bẹ̀rẹ̀. Kó pín 10 sí 8, yóò rí 1.25, kó fi kún 61.75, yóò dé 63. Òfin rẹ̀ ni pé:

```
m tó tọ́ = m tí a lò + S ÷ n
```

Àmì S ló ń sọ apá ibi tí a ó lọ. Bí àlékún bá pọ̀ jù, ìpíndọ́gba tí a lò ti kéré jù, kí a gbé e sókè. Bí àdínkù bá pọ̀ jù, ìpíndọ́gba ti ga jù, kí a fà á sílẹ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe, kí a tún ìyàtọ̀ wá pẹ̀lú ìpíndọ́gba tuntun kí a lè rí òdo náà lójú.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìpíndọ́gba, kó kọ́kọ́ dá a lójú pé àṣìṣe kò sí nínú àwọn ìyàtọ̀ fúnra wọn. Àmì ló máa ń ṣe èyí jù. Ká ní ìpíndọ́gba jẹ́ 63, ó tọ̀nà pátápátá, ṣùgbọ́n èèyàn kọ +5 síwájú 58 dípò −5. Àlékún yóò di 35, àdínkù yóò di 25, S yóò jẹ́ +10. Iye kan náà tí àṣìṣe ti ìṣáájú mú wá nìyí! Àmì tí a ṣì kọ máa ń mú kí S jẹ́ ìlọ́po méjì ìyàtọ̀ tó ṣì náà, torí pé 5 kúrò ní apá kan, ó sì tún lọ kún apá kejì. Nítorí náà, bí S kò bá jẹ́ òdo, ẹ pín in sí méjì kí ẹ sì wo ìlà tí ìyàtọ̀ rẹ̀ tó iye yẹn. Bí 5 bá wà níbẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè: ṣé 58 ju 63 lọ ni? Ìbéèrè yìí kò gba àkókò, ó sì ń gba èèyàn lọ́wọ́ títún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Bí àmì bá tọ̀nà tí S ṣì wà níbẹ̀, ẹ fi í wé àwọn nọ́ńbà tó wà níwájú yín. Ó máa ń jọ ọ̀kan nínú wọn, èyí tó bá sì jọ máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bí S bá dọ́gba pẹ̀lú ìpíndọ́gba tí a lò fúnra rẹ̀, iye nọ́ńbà ni a ṣì kà. Ká ní èèyàn rí 504 dáadáa ṣùgbọ́n ó pín in sí 7. Yóò rí 72. Láti 72, 76 nìkan ló lé, ó fi 4 lé. 72 fúnra rẹ̀ jẹ́ òdo. Àwọn yòókù fi 14, 8, 25, 12, 15 àti 2 dín, àròpọ̀ 76. S jẹ́ −72. Bó bá sì jẹ́ pé 9 ló fi pín, yóò rí 56, àlékún yóò jẹ́ 65, àdínkù 9, S yóò jẹ́ +56. Àdínkù tó jẹ́ ìpíndọ́gba gan-an ń sọ pé a fi ẹyọ kan dín nígbà tí a ń ka iye. Àlékún tó jẹ́ ìpíndọ́gba gan-an ń sọ pé a fi ẹyọ kan lé. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìlà S lókè: ìgbà mẹ́jọ la yọ m, bẹ́ẹ̀ ìgbà méje péré ni m wà nínú T tí a pín sí 7.

Bí S bá dọ́gba pẹ̀lú ọ̀kan nínú máàkì náà, a fo máàkì yẹn nínú àròpọ̀, ṣùgbọ́n a kà á mọ́ iye. Ẹni tó fo 47, tó rí 457, tó sì pín in sí 8, yóò rí 57.125, S rẹ̀ yóò sì jẹ́ +47. Nọ́ńbà tó sọnù náà ló yọjú padà yẹn.

Bí ó bá fo nọ́ńbà náà nínú àròpọ̀ tó sì tún fò ó nínú kíkà ńkọ́? Ká ní 70 tó wà nísàlẹ̀ ni kò rí. Àròpọ̀ méje tó kù jẹ́ 434, ó pín in sí 7, ó rí 62. Bó bá wá ìyàtọ̀ fún gbogbo mẹ́jọ, méje àkọ́kọ́ yóò pa ara wọn tán, 26 sí 26, ẹyọ 70 yóò sì dá dúró pẹ̀lú +8 tirẹ̀. S jẹ́ 8, ó sì bá ìyàtọ̀ tó wà ní ìlà kan mu ní ọgbọọgba. Ìlà yẹn ni a fò. Ṣùgbọ́n bó bá tún fo 70 nígbà tó ń wá ìyàtọ̀, òdo ni yóò rí, kò sì ní mọ ohunkóhun. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé inú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí a ti wá ìyàtọ̀, kì í ṣe inú bébà tí a fi ro àròpọ̀.

Bí S bá ṣeé pín sí 9 láìṣẹ́kù, ẹ fura sí nọ́ńbà tí a yí nídìí. Ẹni tó ka 47 sí 74 nígbà tó ń rò ó pọ̀ yóò rí 531, S rẹ̀ yóò sì jẹ́ −27, èyí tó jẹ́ 9 lọ́nà 3. 3 yẹn náà sì ni ìyàtọ̀ láàárín 7 àti 4. Ẹ má ṣe gbára lé èyí jù, torí pé àṣìṣe mìíràn náà lè bọ́ sórí ìlọ́po 9. Ó kàn ń sọ ibi tó yẹ ká kọ́kọ́ wò ni.

Títí dé ibí, pípín ń bọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí a ṣe fẹ́. Lẹ́nu iṣẹ́, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ ìgbẹ́kẹ̀lé nù nínú àyẹ̀wò yìí. Ẹ mú mẹ́fà àkọ́kọ́ nìkan: 58, 72, 64, 47, 76, 60. Àròpọ̀ jẹ́ 377. A pín in sí 6, ó jẹ́ 62.8333, 3 yẹn kò sì lópin. A sún un sí 62.8. Àlékún jẹ́ 9.2, 1.2 àti 13.2, tó jẹ́ 23.6. Àdínkù jẹ́ 4.8, 15.8 àti 2.8, tó jẹ́ 23.4. S jẹ́ 0.2. Ṣé àṣìṣe ni? Rárá. A ti gé 0.0333 kúrò lára ìpíndọ́gba, a sì ti lò ó ní ìgbà mẹ́fà. Ìgbà mẹ́fà 0.0333 ni 0.2.

A lè mọ bí èyí ṣe lè tóbi tó. Bí a bá sún ìpíndọ́gba sí désímà kan, ohun tí a gé tàbí tí a fi kún kò lè ju 0.05 lọ. Bí ó bá jẹ́ désímà méjì, kò lè ju 0.005 lọ. Nítorí náà, S kò gbọ́dọ̀ ju n lọ́nà 0.05 lọ, tàbí n lọ́nà 0.005. Fún nọ́ńbà mẹ́fà pẹ̀lú désímà kan, ààlà jẹ́ 0.3, 0.2 wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí 0.7, ìsúnmọ́ kọ́ ló fà á.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí nọ́ńbà bá pọ̀. Fún nọ́ńbà ogójì pẹ̀lú désímà kan, ààlà jẹ́ 40 lọ́nà 0.05, èyí tó jẹ́ 2. Ẹni tó fi 1 ṣi àròpọ̀ ro lè sá pamọ́ sábẹ́ ààlà yẹn, a ó sì sọ pé ìsúnmọ́ ni. Níbí, àyẹ̀wò wa ti di aláìlágbára, ọwọ́ wa la sì fi sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ rọrùn, ó sì wù mí ju fífi désímà kún désímà lọ. Ẹ má ṣe lo ìpíndọ́gba tí a sún. Ẹ lo odidi nọ́ńbà tí pípín mú wá, kí ẹ sì mú ìyókù pípín náà sọ́wọ́. 377 tí a pín sí 6 jẹ́ 62, ó ku 5. Ẹ wá ìyàtọ̀ sí 62: −4, +10, +2, −15, +14, −2. Àlékún jẹ́ 26, àdínkù jẹ́ 21. S jẹ́ 5, ó bá ìyókù pípín mu géérégé. Níbí kò sí ààlà, kò sí "ó súnmọ́ ọn." Bí ó bá jẹ́ 4 tàbí 6, àṣìṣe wà, ì báà jẹ́ nọ́ńbà mẹ́fà, ì báà jẹ́ ọgọ́rùn-ún mẹ́fà. Òdo tí a ń wá tẹ́lẹ̀ kò lọ síbì kankan. A kàn ti fi ìpíndọ́gba sílẹ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀ ni, a sì mọ iye tí S gbọ́dọ̀ jẹ́ nítorí ìyẹn.

Láti ibẹ̀, ẹ ó rí i pé nọ́ńbà tó bá wù wá la lè lò. Ẹ yọ 60 kúrò nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: −2, +12, +4, −13, +16, 0. S jẹ́ 17. Pín 17 sí 6, ó jẹ́ 2.8333, fi kún 60, ó di 62.8333. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe ìṣirò púpọ̀ máa ń bá ibí yìí wá ìpíndọ́gba látìbẹ̀rẹ̀, torí pé nọ́ńbà rẹ̀ kéré. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àfi pé ẹni tó bá fi 60 wá a kò tún gbọ́dọ̀ fi 60 yẹ̀ ẹ́ wò. Kó mú 62 tàbí 65 fún àyẹ̀wò, kí àwọn ìyàtọ̀ lè yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Ibì kan wà tí àyẹ̀wò yìí ti máa ń parọ́, ìyẹn bí nọ́ńbà kan náà bá ń tún ara rẹ̀ wá tí a sì to iye ìgbà rẹ̀ sínú tábìlì. Ká ní nọ́ńbà 3 wáyé ní ìgbà 4, nọ́ńbà 4 ní ìgbà 7, nọ́ńbà 5 ní ìgbà 6, nọ́ńbà 6 ní ìgbà 3. Gbogbo ìgbà jẹ́ 20. Àròpọ̀ jẹ́ 12, 28, 30 àti 18, tó jẹ́ 88, ìpíndọ́gba sì jẹ́ 4.4. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ −1.4, −0.4, +0.6 àti +1.6. Bí ẹ bá ro mẹ́rin yìí pọ̀ bẹ́ẹ̀, +0.4 lẹ ó rí, ẹ ó sì rò pé ìpíndọ́gba bàjẹ́. Kò bàjẹ́. −1.4 kì í ṣe ẹyọ kan, mẹ́rin ni, −0.4 jẹ́ méje. Ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ di ìlọ́po iye ìgbà rẹ̀: −5.6, −2.8, +3.6, +4.8. Àdínkù jẹ́ 8.4, àlékún jẹ́ 8.4.

Èyí tó léwu ni òdìkejì rẹ̀. Ẹni tó gbàgbé iye ìgbà látìbẹ̀rẹ̀ yóò ro 3, 4, 5 àti 6 pọ̀, yóò pín in sí 4, yóò rí 4.5. Bó bá tún gbàgbé iye ìgbà nínú àyẹ̀wò, ìyàtọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ −1.5, −0.5, +0.5 àti +1.5, wọn yóò sì pa ara wọn di òdo tó mọ́ tónítóní. Òdo yẹn kò parọ́ nípa nọ́ńbà mẹ́rin. Ìbéèrè tí a bi í ni kò tọ̀nà. Bó bá rántí iye ìgbà nínú àyẹ̀wò nìkan, yóò rí −6, −3.5, +3 àti +4.5, S yóò jẹ́ −2. Pín −2 sí 20, ó jẹ́ −0.1, 4.5 yóò sì padà sí 4.4. Nítorí náà, nínú tábìlì, ẹ kọ ìlà kan sí i fún ìyàtọ̀ tí a ti sọ di ìlọ́po, kí ẹ má ṣe ṣe é lórí lásán.

Ohun méjì ló kù tí ó yẹ ká mọ̀ nípa ibi tí agbára òdo yìí pin sí. Èkíní, kò gbọ́dọ̀ sí ìyàtọ̀ tí a fi òdo fúnra rẹ̀ wá. Lóòótọ́, bí a bá mọ méje nínú ìyàtọ̀ mẹ́jọ, ìkẹjọ ti hàn, torí pé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Ẹni tó ń kánjú yóò ro méje pọ̀, yóò rí −7, yóò kàn kọ +7 sí ìlà ìkẹyìn. Àyẹ̀wò náà ti kú nìyẹn, nítorí òdo tó yẹ kó wá fi ṣe ẹ̀rí, òun fúnra rẹ̀ ló fi síbẹ̀. Ẹ yọ 63 kúrò nínú 70 pẹ̀lú ọwọ́ yín, ẹ kọ ohun tó bá jáde.

Èkejì ni pé àyẹ̀wò yìí kò mọ ohunkóhun nípa ibi tí nọ́ńbà ti wá. Bí a bá ti da 47 kọ sí 74 nínú àkọsílẹ̀ kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀, àròpọ̀ yóò jẹ́ 531, ìpíndọ́gba 66.375, àwọn ìyàtọ̀ yóò sì jẹ́ òdo láìyẹ̀. Bákan náà, àṣìṣe méjì lè pa ara wọn, bí ẹni tó fi 2 lé ní ìlà kan nínú ìyàtọ̀ tó sì fi 2 dín ní òmíràn. Èyí kì í wọ́pọ̀, kì í sì í ba ìpíndọ́gba jẹ́ bó bá jẹ́ nínú ìyàtọ̀ nìkan ló wà. Ti àkọsílẹ̀ ló wọ́pọ̀. Kí ẹnì kan máa ka nọ́ńbà sókè láti inú ìwé àkọ́kọ́, kí ẹlòmíràn máa fi ìka tọ èyí tó wà lórí ìwé ìṣirò, kí wọ́n sì ka iye wọn lẹ́ẹ̀mejì, láti òkè àti láti ìsàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ro ohunkóhun pọ̀.